Kíì tó ti bá kọ́mìtì jáde: bí a ṣe ń pa á, àti bí a ṣe ń fọ ìtàn ripó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ráyè wá sí Gwarinpa lọ́jọ́ Sátidé ni mo kọ eléyìí fún, bí mo ṣe sọ ọ́ níbẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́, àwọn kọmáǹdì tí mo fi hàn lára ògiri nìkan ni mo tún tẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí wọn dáadáa, torí àwọn tó jókòó lẹ́yìn ní àwọn ò rí nǹkan kan kà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò pọ̀. Kíì API tàbí pásíwọ́ọ̀dù tó bá ti bá kọ́mìtì jáde lọ sórí GitHub, iṣẹ́ méjì ló wà lórí ẹ̀: kẹ́ ẹ pa kíì yẹn kó má ṣiṣẹ́ mọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fọ ìtàn ripó. Tẹ́ ẹ bá gbé ìkejì ṣáájú, ẹ̀ ń gbálẹ̀ nígbà tí olè ṣì wà nínú yàrá nìyẹn. Nínú ìkejì yẹn náà, kọmáǹdì tó ń fọ ìtàn kọ́ ló le, àwọn ẹ̀dà tó wà lórí láptọ́ọ̀pù àwọn ẹlòmíì ló le. Ibẹ̀ ni ọwọ́ tèmi ti jóná, ibẹ̀ ni mo sì máa pẹ́ sí jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ áàpù kan fún kẹ́mísì kan ní Kubwa, wọ́n ní ẹ̀ka kan ní Súlèjá. Tí oògùn aláìsàn bá ti dé, áàpù yẹn á fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí fóònù ẹ̀ pé kó wá gbé e. Èmi wà ní Lugbe, àbúrò wa kan wà ní Kàdúná, ọmọbìnrin kan tó mọ dátábéèsì dáadáa wà ní Mínà. Ripó ti ní ọgbọ̀n kọ́mìtì nígbà tí àbúrò wa dá fáìlì `.env` sílẹ̀, ó kó kíì tẹ́ẹ̀sì sí i, ó kó pásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì sí i, ó tẹ `git add .` bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ó púùṣì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá rántí kọ `.env` sínú `.gitignore`, ọkàn ẹ̀ sì balẹ̀ pé ó ti parí.

Kò parí. `.gitignore` ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú fáìlì tí Git ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn fáìlì tí kò tíì mọ̀ nìkan ló ń jẹ́ kó fojú fò. Fáìlì tẹ́ ẹ bá ti fi `git add` mú wọlé, Git á máa gbé e lọ títí ẹ ó fi yọ ọ́ kúrò fúnra yín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà ló tó rí i pé fáìlì yẹn ṣì wà lórí GitHub, ó wá pa á rẹ́, ó ṣe kọ́mìtì tuntun pé òun ti yọ `.env` kúrò, ó púùṣì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni torí ojú ń tì í. Ripó yẹn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé o, torí ó fẹ́ fi han àwọn ibi tó ti ń wáṣẹ́. Ọjọ́ Túsìdeè lẹ́yìn ẹ̀, onílé oògùn pè mí láàárọ̀ kùtù pé tẹ́ẹ̀sì ₦40,000 tí àwọn rà sílẹ̀ ti tán pátá, àwọn aláìsàn ò sì rí tẹ́ẹ̀sì kankan gbà. Nígbà tí mo wo àkọsílẹ̀ tẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè ló kún ibẹ̀ bámúbámú.

Mo ṣí ripó lórí GitHub, mi ò rí `.env`. Mo wá tẹ èyí lórí láptọ́ọ̀pù mi:

```
git log --all --oneline -- .env
```

Ohun tó gbé jáde nìyí:

```
b81c0e2 yo .env kuro
4f7a91d fi login kun un
```

Ìlà tó wà lókè ni ìgbà tó pa á rẹ́, tìsàlẹ̀ ni ìgbà tó mú un wọlé. Mo bá tẹ eléyìí:

```
git show 4f7a91d:.env
```

Kíì tẹ́ẹ̀sì àti pásíwọ́ọ̀dù jáde síta gbangba bí wọ́n ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí mo bá sọ fún èèyàn pé pípa fáìlì rẹ́ ò tó, á ní òun mọ̀, àmọ́ tó bá fojú ara ẹ̀ rí ohun tí kọmáǹdì kékeré yìí gbé jáde, ìgbà yẹn ló máa tó yé e. Ẹ lọ dán an wò nínú ripó tiyín lálẹ́ òní.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ rèé. Kọ́mìtì kọ̀ọ̀kan dà bíi fọ́tò gbogbo fódà yín ní ìṣẹ́jú yẹn. Kọ́mìtì tẹ́ ẹ fi pa fáìlì rẹ́, fọ́tò tuntun ni, fáìlì yẹn ò sí nínú fọ́tò tuntun, ṣùgbọ́n fọ́tò àtijọ́ ṣì wà nínú álíbọ́ọ̀mù, ẹni tó bá sì gba álíbọ́ọ̀mù ti gba gbogbo fọ́tò. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe `git clone` ti kó gbogbo ẹ̀ lọ sílé ẹ̀ láti kọ́mìtì kìíní.

Ó wá ku bí kíì yẹn ṣe tètè dọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó tó ń ka kóòdù kẹ́mísì wa ní Kubwa. Àwọn kan kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ohun tí gbogbo ayé ń púùṣì sórí GitHub, tó ń wá ọ̀rọ̀ tó bá jọ kíì, bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ àti lóru. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ṣèwádìí ẹ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2019, wọ́n rí i pé ripó tó lé ní 100,000 ni kíì ti jò síta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kíì tuntun ló sì ń jò lójoojúmọ́. Torí náà tí kíì bá ti wà níta fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ẹ gbà pé wọ́n ti rí i. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ ṣe ló ń fọ́, kíì tó bọ́ sórí GitHub náà kò ṣeé kó padà.

Àbúrò kan nínú gbọ̀ngàn béèrè pé tí ripó bá jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀ ńkọ́, ṣé wàhálà ṣì wà. Wàhálà wà. Ní 2016, àwọn tó ja Uber lólè, inú ripó ìkọ̀kọ̀ àwọn ẹnjiníà Uber lórí GitHub ni wọ́n wọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí kíì tó ṣí ibi tí wọ́n ń kó dátà sí, wọ́n sì kó ìsọfúnni nípa èèyàn mílíọ̀nù 57 lọ. Ripó ìkọ̀kọ̀ ń dín ojú tó ń wò ó kù ni, ó ń fún yín láyè díẹ̀ láti mí, àmọ́ ẹni tó ti kúrò níbi iṣẹ́ yín lọ́dún tó kọjá ṣì lè ní ẹ̀dà ẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí pípa kíì. Ti tẹ́ẹ̀sì rọrùn: mo wọ ojúlé ilé iṣẹ́ tó ń ta tẹ́ẹ̀sì, mo dá kíì tuntun, mo pa ti àtijọ́ lójú ẹsẹ̀. Tí kíì yẹn bá jẹ́ èyí tí olè ò tíì máa lò, ẹ lè kọ́kọ́ gbé tuntun sórí sáfà, ẹ tún áàpù tan, ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ tó pa ti àtijọ́, kí oníbàárà má baà mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń ná owó yín lọ, ẹ pa á ná, kí áàpù dúró fún wákàtí kan, ìyẹn sàn.

Pásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì ló ní ọgbọ́n nínú. PostgreSQL la lò. Ẹ má lọ kọ `ALTER ROLE` kẹ́ ẹ wá tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun síwájú ẹ̀ gbangba, torí ìlà yẹn lè wà nínú lọ́ọ̀gì sáfà àti nínú ìtàn `psql` yín, ẹ tún ti tú àṣírí tuntun nìyẹn. Ẹ wọ `psql`, ẹ tẹ èyí, á bi yín ní pásíwọ́ọ̀dù láìfi hàn lójú:

```
\password kemisi
```

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé pípààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù ò lé ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ jáde. PostgreSQL ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà nìkan, ẹni tó ti wà nínú ilé á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ lé wọn:

```
SELECT pg_terminate_backend(pid)
FROM pg_stat_activity
WHERE usename = 'kemisi'
  AND pid <> pg_backend_pid();
```

Áàpù tiyín náà á já, ìyẹn ò burú, tẹ́ ẹ bá ti gbé pásíwọ́ọ̀dù tuntun sórí sáfà á tún wọlé padà. Nígbà tá a ṣe ìyẹn tán, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù, ewu sì ti lọ. Ẹ fọkàn sí i pé a ò tíì fọwọ́ kan ìtàn ripó rárá.

Ó wá kan fífọ ìtàn. Ohun èlò tó ń ṣe é ni `git-filter-repo`, `pip install git-filter-repo` lẹ fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa rántí `git filter-branch`, ẹ fi sílẹ̀, ìwé Git fúnra ẹ̀ ti ní ká má lò ó mọ́, ó lọ́ra, ó sì rọrùn láti fi ba ripó jẹ́.

Kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ wá gbogbo ibi tí àṣírí yẹn fara pamọ́ sí. Èmi rò pé `.env` nìkan ni. Mo wá fi ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù yẹn gan-an wá a:

```
git log --all --oneline --name-only -S'Agbo-2981'
```

`-S` yìí ń wá kọ́mìtì tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọlé tàbí tó ti jáde. Ó fi hàn mí pé pásíwọ́ọ̀dù ti wà nínú `settings.py` rí, ẹnì kan nínú wa tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ láti fi dán nǹkan wò, ó sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ká ní mi ò wá a ni, mi ò bá fọ `.env` mọ́ tónítóní kí n wá fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá fáìlì yẹn ti jẹ́ orúkọ míì rí tàbí ó ti wà nínú fódà míì, torí `git-filter-repo` kì í tẹ̀ lé fáìlì tó pààrọ̀ orúkọ, gbogbo orúkọ tó ti jẹ́ lẹ máa dá fún un. (Bẹ́ẹ̀ ni, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù sí tẹ́mínà, ó sì máa wà nínú ìtàn tẹ́mínà mi. Torí pé ó ti kú ni mo ṣe lè tẹ̀ ẹ́ láìfòyà, ẹ rí ìdí míì tí pípa fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.)

A lè pa gbogbo `.env` rẹ́ nínú ìtàn, àmọ́ a ò lè pa gbogbo `settings.py` rẹ́, áàpù ò ní dìde mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan la máa pààrọ̀ níbẹ̀. Ẹ dá fáìlì kékeré kan sílẹ̀ níta ripó, mo pè é ní `paaro.txt`, ìlà kan ló wà níbẹ̀:

```
Agbo-2981==>YO_KURO
```

Lẹ́yìn náà ẹ ṣe kílóònù tuntun, ẹ má lo fódà tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ohun èlò yìí fúnra ẹ̀ á kọ̀ jálẹ̀ tó bá rí i pé kílóònù yẹn kì í ṣe tuntun, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀, tí nǹkan bá bàjẹ́ ẹ máa fẹ́ kí fódà àtijọ́ ṣì wà. Nínú kílóònù tuntun yẹn:

```
git filter-repo --sensitive-data-removal \
  --invert-paths --path .env \
  --replace-text ../paaro.txt
```

`--path .env` ń tọ́ka sí fáìlì, `--invert-paths` ló ní kó mú gbogbo nǹkan tó kù kó sì ju ìyẹn nù. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé `--invert-paths`, òdìkejì ló máa ṣe, `.env` nìkan ló máa ṣẹ́kù nínú ripó yín, mo ti rí ẹni tó ṣe é. `--sensitive-data-removal` ò sí nínú ẹ̀dà àtijọ́, láti 2.47 ló ti wọlé, òun ló ń jẹ́ kó fa gbogbo bráǹṣì àti ohun tó fara pamọ́ lórí GitHub wá, kó sì sọ fún yín kọ́mìtì wo ló kọ́kọ́ yí padà. Bákan náà `--replace-text` ń wo inú fáìlì nìkan, tó bá jẹ́ inú ọ̀rọ̀ kọ́mìtì lẹ kọ pásíwọ́ọ̀dù sí, `--replace-message` lẹ máa fi kún un.

Ripó wa ní kọ́mìtì 212. Nígbà tó ṣe tán, ó ku 211. Ọ̀kan tó lọ yẹn ni `yo .env kuro`, torí pé nígbà tí `.env` ò sí láyé mọ́ rárá, kọ́mìtì tó pa á rẹ́ ò ní nǹkan kan nínú mọ́, ohun èlò yẹn sì ń ju kọ́mìtì tó bá ṣófo báyìí nù. Ọgbọ̀n kọ́mìtì àkọ́kọ́ ò yí padà. Láti orí ìkọkànlélọ́gbọ̀n lọ, gbogbo wọn ló gba hááṣì tuntun, ìyẹn orúkọ bíi `4f7a91d` tí Git ń fún kọ́mìtì, títí kan àwọn tí kò fọwọ́ kan `.env` rí. Ohun tó fà á ni pé hááṣì kọ́mìtì kọ̀ọ̀kan ní hááṣì òbí ẹ̀ nínú, tí bàbá bá ti yí orúkọ padà, ọmọ, ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn ló máa yí. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, torí òun ló bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́yìn náà.

Mo tún `git log --all -S` tẹ̀, mo tún `git log --all -- .env` tẹ̀, méjèèjì dákẹ́, kò gbé ohunkóhun jáde. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó mọ́. Mo lọ sórí GitHub, mo ṣí ààbò tó wà lórí bráǹṣì `main` fún ìṣẹ́jú díẹ̀ torí kì í gbà kéèyàn fi ipá púùṣì, mo wá tẹ:

```
git push --force --mirror origin
```

Mo ti ààbò yẹn padà. Nígbà tó ń púùṣì, ó kọ ìlà pupa méjì pé òun ò lè fọwọ́ kan `refs/pull/`. Kì í ṣe àṣìṣe yín, ibẹ̀ ni GitHub ń tọ́jú àwọn púùlù rìkúẹ́ẹ̀sì sí, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ nǹkan síbẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kọ́mìtì àtijọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá ní hááṣì ẹ̀ lọ́wọ́ ṣì lè ṣí i. Ẹ lè kọ̀wé sí GitHub kí wọ́n bá yín gbá a kúrò, àmọ́ òfin wọn ni pé tí pípààrọ̀ kíì bá ti pa ewu yẹn, àwọn ò ní dá sí i. Mo gbà pé òfin yẹn dáa. Wọ́n fi sílẹ̀ fún irú nǹkan tí kò ṣeé pààrọ̀, bíi ká ní orúkọ àwọn aláìsàn kẹ́mísì yẹn àti oògùn tí wọ́n ń lò ló jáde, kò sẹ́ni tó lè pa ìyẹn kó dá tuntun, ìgbà yẹn ni mi ò bá kọ̀wé kíá.

A ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè yẹn, mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù pé mo ti fọ ripó o, kí gbogbo èèyàn fa tuntun. Ọ̀rọ̀ tí mo lò yẹn, "fa tuntun", òun ni àṣìṣe mi.

Ọmọbìnrin wa ní Mínà ò ní iná lálẹ́ Mọ́ńdè, ó ti ṣe kọ́mìtì kan sórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ tí kò tíì púùṣì. Nígbà tí iná dé, ó ka ọ̀rọ̀ mi, ó tẹ `git pull` bí mo ṣe ní kó ṣe. Láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ti wà ní ètò pé kí `git pull` máa ṣe mọ́ọ̀jì. Git wò ó, ó rí ìtàn méjì tó pínyà lẹ́yìn kọ́mìtì ọgbọ̀n, ó so wọ́n pọ̀. Ẹ wo ohun tó burú níbẹ̀: kò sí ìjà kankan. Fáìlì tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́ nínú ìtàn méjèèjì bára mu látòkèdélẹ̀, `.env` ò sí nínú ìkankan, pásíwọ́ọ̀dù ò sí nínú `settings.py` ìkankan, torí náà mọ́ọ̀jì yẹn lọ wọ́ọ́rọ́, ó púùṣì, kò sì ní láti fi ipá ṣe é. `.env` padà sórí GitHub nínú ìtàn, kò sẹ́ni tó rí i.

Àárọ̀ Wẹ́sìdeè ni mo tó mọ̀, nígbà tí mo tẹ èyí:

```
git fetch origin
git rev-list --count origin/main
```

Ó ní 395. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo wá ṣírò ẹ̀: 211 tiwa tó mọ́, 182 àtijọ́ tó padà wá láti kọ́mìtì 31 dé 212, iṣẹ́ tuntun ẹ̀ kan, mọ́ọ̀jì kan, 395 géérégé. Tẹ́ ẹ bá sì wo `git log --oneline`, ẹ máa rí kọ́mìtì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ kan náà, hááṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹni kan ti gbé ìtàn àtijọ́ padà. Àmì kan tún wà tí òun náà ì bá ti rí kó tó ṣe mọ́ọ̀jì: nígbà tí Git bá ń fa nǹkan tí wọ́n ti fi ipá púùṣì, á kọ `(forced update)` sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ bráǹṣì. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́.

Mi ò bá a wí, torí ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Kílóònù tí mo fọ̀ lánàá ṣì wà pẹ̀lú kọ́mìtì 211 tó mọ́, láti inú ẹ̀ ni mo ti tún fi ipá púùṣì `main`. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò fi iṣẹ́ ránṣẹ́, mo pe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má tẹ `git pull`, kí wọ́n fi fódà àtijọ́ sílẹ̀, kí wọ́n ṣe kílóònù tuntun sínú fódà míì. Iṣẹ́ ọmọbìnrin wa kan tí kò gbọdọ̀ sọnù, a gbé e jáde bíi pátíìṣì. Mọ́ọ̀jì ló wà lórí fódà àtijọ́ báyìí, ó sì ṣe tán kì í ṣe òun la fẹ́, kọ́mìtì tirẹ̀ gan-an la fẹ́, a wá dárúkọ hááṣì ẹ̀:

```
git format-patch -1 d03e5aa -o ../ise-mi
```

Ó ṣí fáìlì tó jáde, ó kà á pẹ̀lú ojú ara ẹ̀ kó lè rí i pé àṣírí kankan ò sí níbẹ̀, ó wá wọ kílóònù tuntun:

```
git am ../ise-mi/*.patch
```

Ó púùṣì, mo ka iye kọ́mìtì, 212: 211 àti tirẹ̀ kan. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó pa fódà àtijọ́ rẹ́. Ìgbà yẹn náà ni mo rántí sáfà, torí orí sáfà yẹn náà, kílóònù ni áàpù wà nínú ẹ̀, `git pull` la fi ń gbé kóòdù tuntun lọ síbẹ̀. Ká ní mo gbàgbé ibẹ̀, ìtàn àtijọ́ á ṣì wà nínú `.git` orí sáfà. Ẹ wo gbogbo ibi tí ẹ̀dà wà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀: láptọ́ọ̀pù, sáfà, bákọ́ọ̀pù orí hádì díìsì, àti fóòkì, ìyẹn ẹ̀dà ripó yín tí ẹnì kan bá ti ṣe sórí àkáǹtì tiẹ̀ lórí GitHub, torí ẹni tó ni fóòkì nìkan ló lè fọ tiẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ rí i kẹ́ ẹ tó púùṣì ńkọ́? Ìyẹn rọrùn, kíì ò tíì jáde nílé. Tó bá jẹ́ kọ́mìtì tó gbẹ̀yìn ló wà:

```
git rm --cached .env
git commit --amend --no-edit
```

Fáìlì á ṣì wà nínú fódà yín, inú kọ́mìtì nìkan ló ti máa jáde. Ẹ wá kọ ọ́ sí `.gitignore`, ẹ sì tẹ `git check-ignore -v .env`, tó bá dá yín lóhùn pẹ̀lú ìlà tó wà nínú `.gitignore`, ó ti mú un, tó bá dákẹ́, kò mú un. Lórí ripó tó ṣí sílẹ̀, GitHub náà ti ń dá púùṣì dúró láti 2024 tó bá rí kíì tó dá mọ̀, àmọ́ kíì àwọn ilé iṣẹ́ tí bátànì ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn ló ń mú, pásíwọ́ọ̀dù bíi `Agbo-2981` á gbà á kọjá torí kò jọ kíì ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Jabi ló béèrè ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní ṣé kò rọrùn kéèyàn kàn pa ripó rẹ́ lórí GitHub kó sì dá tuntun. Mo ní ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ iṣẹ́ tiyín nìkan, tí kò sí fóòkì, tẹ́ ò sì nílò ìtàn ẹ̀, ó rọrùn lóòótọ́, àwọn púùlù rìkúẹ́ẹ̀sì àtijọ́ náà á bá a lọ. Ẹ kàn má gbé fódà àtijọ́ púùṣì sínú tuntun, torí `.git` ibẹ̀ ló ní ìtàn yẹn nínú, ẹ kó fáìlì nìkan láìkó `.git`, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `git init`. Àmọ́ tí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe fóòkì ripó tó ṣí sílẹ̀, pípa tiyín rẹ́ ò ní pa tiẹ̀ rẹ́, ọ̀kan nínú àwọn fóòkì yẹn ni GitHub máa sọ di olórí. Wọ́n wo fóònù wọn níbẹ̀, wọ́n ní fóòkì mẹ́rin ló wà lórí tiwọn. Mo ní kí wọ́n lọ pa kíì yẹn ná kí wọ́n tó jẹun, wọ́n sì bọ́ síta pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù wọn.